Ìdí tí (x − 2)³ fi ń sún gíráàfù sí ọ̀tún, tí kì í ṣe òsì

Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń kọ́ gíráàfù léèrè pé apá ibo ni y = (x − 2)³ máa sún sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní apá òsì ni, nítorí wọ́n rí àmì ìyọkúrò níbẹ̀, apá òsì sì ni àwọn nọ́ńbà òdì máa ń wà. Ẹ tún bi wọ́n nípa y = x³ + 1, wọ́n á ní gíráàfù náà gòkè ní ìwọ̀n 1. Ìdáhùn kejì tọ̀nà, ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò kan náà ni wọ́n fi dáhùn méjèèjì. Olùkọ́ á wá sọ fún wọn pé ohun tó bá wà nínú àkámọ́ máa ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á há a sórí, ọjọ́ ìdánwò á dé, wọn ò ní mọ èwo ló ń ṣe òdìkejì mọ́.

Lójú tèmi, kò sí ohun tó yẹ ká há sórí níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí sísún gíráàfù, nína rẹ̀ àti yíyí rẹ̀ padà, òfin náà kò sì yàtọ̀ fún x àti fún y. Ọ̀nà tá a máa ń gbà kọ ìdọ́gba sílẹ̀ ló bo òfin yẹn mọ́lẹ̀, tó fi dà bíi pé x ń ṣe agídí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ gíráàfù ìpìlẹ̀, y = x³. Nọ́ńbà yòówù kí x jẹ́, a ó ṣe x × x × x kí a tó rí y. Tí x bá jẹ́ 0, y jẹ́ 0. Tí x bá jẹ́ 1, y jẹ́ 1. Tó bá jẹ́ 2, y jẹ́ 8. Ní apá òsì, −1 fún wa ní −1, −2 sì fún wa ní −8, nítorí pé òdì lọ́nà mẹ́ta ṣì jẹ́ òdì. A ti ní àmì márùn-ún báyìí: (−2, −8), (−1, −1), (0, 0), (1, 1) àti (2, 8). Ẹ fi wọ́n sórí pépà gíráàfù, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀. Ìlà náà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ń gun òkè kíákíá, ó wá dẹ̀rọ̀ bó ṣe ń súnmọ́ (0, 0) débi pé ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbéra lọ sókè lápá ọ̀tún. Kò ṣẹ́rí padà níbì kankan.

Àmì (0, 0) yẹn ni mo máa pè ní àárín gíráàfù. Tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún pépà náà mọ́ tábìlì ní àárín yẹn, tí ẹ wá yí i títí orí pépà fi di ìsàlẹ̀, ìlà náà á tún bọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí, a máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sún un. Ẹ mú àmì márààrún, kí ẹ sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún ní ìwọ̀n 2, kí ẹ sì gbé e sókè ní ìwọ̀n 1. (0, 0) di (2, 1). (1, 1) di (3, 2). (2, 8) di (4, 9). (−1, −1) di (1, 0), (−2, −8) sì di (0, −7). Kò sí ẹni tí èyí rú lójú: a fi 2 kún gbogbo x, a fi 1 kún gbogbo y. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: ìdọ́gba wo ló wá ń jẹ́ ti àwọn àmì tuntun yìí?

Ká ní gbogbo àwọn tó ń gbé ní òpópónà kan kó lọ sí ojúlé kejì sí tiwọn lápá ọ̀tún. Ará ojúlé 1 bọ́ sí 3, ará ojúlé 3 bọ́ sí 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí baálé àdúgbò kọ orúkọ wọn sí kò tíì yí padà. Ojúlé àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ojúlé 5, ẹ fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí. Ojúlé wo lẹ máa wò nínú ìwé yẹn? Ojúlé 3 ni, ìyẹn 5 − 2. Àwọn tó kó lọ fi 2 kún tiwọn, ẹni tó ń wá wọn nínú ìwé ní láti yọ 2 kúrò.

Ìwé àtijọ́ yẹn ni y = x³. Òun nìkan ni ìmọ̀ tá a ní lọ́wọ́, kò sì mọ̀ ju àwọn àmì àtijọ́ lọ. Nítorí náà, tí a bá mú àmì tuntun kan, tí a pè é ní (x, y), a ní láti kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ti wá. Ó sún sí ọ̀tún ní ìwọ̀n 2, a jẹ́ pé x − 2 ló wà tẹ́lẹ̀. Ó gòkè ní ìwọ̀n 1, a jẹ́ pé y − 1 ló wà tẹ́lẹ̀. Àmì àtijọ́ yìí ló ń tẹ̀ lé ìwé àtijọ́, a sì lè kọ ọ́ báyìí:

y − 1 = (x − 2)³

Ẹ wo ìdọ́gba yẹn dáadáa. Sísún sí ọ̀tún mú ìyọkúrò wá, gígòkè náà mú ìyọkúrò wá. Ìwà x àti ìwà y bára mu pátápátá! Àwa ni a kì í fẹ́ fi y − 1 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń fẹ́ kí y dá wà ní apá òsì ìdọ́gba. A wá gbé 1 kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó di + 1:

y = (x − 2)³ + 1

Ìgbà yẹn ni ó tó dà bíi pé y ń ṣe bí a ṣe sọ, tí x sì ń ṣe òdìkejì. Ẹ fi àwọn àmì tuntun yẹn dán an wò. Tí x bá jẹ́ 4, 4 − 2 jẹ́ 2, 2 × 2 × 2 jẹ́ 8, a fi 1 kún un, ó di 9. (4, 9) wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí x bá jẹ́ 0, a ní −8 + 1, ó sì jẹ́ −7. Ó bára mu.

Ìbéèrè kan náà, pé níbo ni àmì yìí ti wá, ló ń darí nína pẹ̀lú. Ká ní a fẹ́ na gíráàfù ìpìlẹ̀ lóòró ní ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo y máa di ìlọ́po mẹ́ta, x kò ní yí padà: (2, 8) di (2, 24), (1, 1) di (1, 3). Àmì tuntun tó wà ní y ti wá láti y/3. A ó kọ y/3 = x³, èyí tó di y = 3x³ nígbà tí a bá gbé 3 kọjá. Tó bá jẹ́ ìbú la fẹ́ nà ní ìlọ́po méjì, (2, 8) á di (4, 8), (1, 1) á di (2, 1). Àmì tó wà ní x ti wá láti x/2, ìdọ́gba náà á sì jẹ́ y = (x/2)³. Èyí ló fà á tí y = (2x)³ kì í fi í fẹ gíráàfù sí i. Ṣe ló ń fún un pọ̀ dé ìdajì ìbú rẹ̀, torí pé ẹni tó wà ní x ti wá láti 2x, ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti x³ gan-an, tó sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. (2x)³ kò yàtọ̀ sí 8x³. Ẹni tó fún gíráàfù náà pọ̀ ní ìbú dé ìdajì àti ẹni tó nà án lóòró ní ìlọ́po mẹ́jọ á rí àwòrán kan náà lórí pépà, bí wọn ò tilẹ̀ ṣe ohun kan náà. Tí ẹ bá rí gíráàfù y = 8x³, ẹ kò lè fi ojú mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ṣe. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo gíráàfù kúbíìkì, ìyẹn àwọn tí x³ jẹ́ agbára x tó ga jù nínú ìdọ́gba wọn. Ẹ mú y = x³ − 3x. Ìlà yìí gun òkè dé (−1, 2), ó ṣẹ́rí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé (1, −2), ó tún wá gòkè lọ. Tí a bá nà án lóòró, orí òkè rẹ̀ á ga sí i, ṣùgbọ́n á ṣì wà lókè −1. Tí a bá nà án ní ìbú ní ìlọ́po méjì, orí òkè náà á lọ sí −2, gíga rẹ̀ á sì ṣì jẹ́ 2. Níbí yìí, ẹni tó bá wo ibi tí òkè àti kòtò wà á mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ó ku yíyí padà bíi ti inú dígí. Tí a bá fi ìlà x ṣe dígí, ohun tó wà lókè á bọ́ sí ìsàlẹ̀: (2, 8) á di (2, −8). Àmì tó wà ní y ti wá láti −y, a ó kọ −y = x³, ìyẹn y = −x³. Tí a bá fi ìlà y ṣe dígí, ọ̀tún á di òsì: (2, 8) á di (−2, 8). Àmì tó wà ní x ti wá láti −x, a ó kọ y = (−x)³. Ṣùgbọ́n (−x)³ náà jẹ́ −x³. Dígí méjì, àwòrán kan! Abẹ́rẹ́ tá a fi gún pépà níṣàájú ló ṣàlàyé rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí gíráàfù náà kò yí padà nígbà tí orí pépà di ìsàlẹ̀, yálà a dojú rẹ̀ dé tàbí a yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì, ibì kan náà ló máa já sí.

Ìbárajọ yìí kì í pẹ́ tó fi ń tú ká. Ẹ padà sọ́dọ̀ y = (x − 2)³ + 1, èyí tí àárín rẹ̀ ti kúrò ní (0, 0) lọ sí (2, 1). Tí ìlà x bá jẹ́ dígí, gbogbo apá ọ̀tún ìdọ́gba la máa yí àmì rẹ̀ padà: y = −(x − 2)³ − 1, àárín á sì bọ́ sí (2, −1). Tí ìlà y bá jẹ́ dígí, x nìkan la máa fi −x rọ́pò: y = (−x − 2)³ + 1, èyí tá a tún lè kọ ní y = −(x + 2)³ + 1, àárín á sì wà ní (−2, 1). Gíráàfù méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn kàn fi àmì ìyọkúrò síwájú àkámọ́, kó sì gbàgbé + 1 tó wà lẹ́yìn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é? Ẹ wo ibi tí àárín bọ́ sí. Bí ẹ bá fi ìlà x ṣe dígí, tí àárín sì ṣì wà ní (2, 1), nǹkan kan ti yẹ̀.

Èyí mú wa dé orí ohun tí mo kà sí èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀: ètò tí a fi ń ṣe wọ́n. Ẹ na x³ lóòró ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ tó gbé e sókè ní 1, ẹ máa rí 3x³ + 1. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè, kí ẹ tó wá nà án, 1 yẹn náà á nà pẹ̀lú, ẹ máa rí 3(x³ + 1), ìyẹn 3x³ + 3. Èyí ṣì hàn kedere. Nínú àkámọ́ ni ó ti ń fara pamọ́. Ẹ wo y = (2x − 6)³. Ọ̀pọ̀ ló máa ní àárín rẹ̀ wà ní 6, nítorí wọ́n rí − 6. Ẹ fi 6 sípò x: 12 − 6 jẹ́ 6, y jẹ́ 216. Àárín kò sí níbẹ̀ rárá. Àárín máa wà níbi tí inú àkámọ́ bá ti di òdo, ibẹ̀ sì ni 3.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Tí a bá kọ́kọ́ sún x³ sí ọ̀tún ní 6, ó di (x − 6)³, àárín wà ní 6. Tí a bá wá fún un pọ̀ dé ìdajì ìbú rẹ̀, a ó fi 2x rọ́pò x, x nìkan la ó sì rọ́pò: (2x − 6)³. Fífún un pọ̀ yìí mú gbogbo nǹkan súnmọ́ ìlà y, àárín náà kò yọ sílẹ̀. 6 di 3. Ọ̀nà kejì ni kí a kọ́kọ́ fún un pọ̀, ó di (2x)³, kí a wá sún un sí ọ̀tún ní 3. A ó fi x − 3 rọ́pò x, ó di (2(x − 3))³, èyí tí kò yàtọ̀ sí (2x − 6)³. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn. Tí ẹ bá ti fa 2 yọ síwájú, tí x wá dá wà pẹ̀lú ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí gíráàfù fi sún á hàn síta láìsí ìtànjẹ. Ẹni tó bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè tẹ ìlà méjì yìí sínú GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya gíráàfù, kó sì rí i pé ọ̀kan gun orí èkejì:

```
y = (2x - 6)^3
y = 8(x - 3)^3
```

Nígbà mìíràn, gíráàfù ni wọ́n máa fún wa, tí wọ́n á ní ká wá ìdọ́gba rẹ̀. Ká ní wọ́n ya ìlà kan tó ń bọ̀ láti òkè lápá òsì, tó dùbúlẹ̀ díẹ̀ ní (1, 4), tó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀tún, tó gba (3, −12) kọjá. Ó ní ibi tó ti dùbúlẹ̀, kò sì ṣẹ́rí padà, a jẹ́ pé ìdílé x³ ló ti wá. Àárín rẹ̀ sún sí ọ̀tún ní 1, ó gòkè ní 4, a ó kọ y = a(x − 1)³ + 4. Ó ku a. Ẹ fi (3, −12) sí i: 3 − 1 jẹ́ 2, 2³ jẹ́ 8, a jẹ́ pé 8a + 4 = −12, 8a = −16, a = −2. Ìdọ́gba náà ni y = −2(x − 1)³ + 4. Àmì òdì tó wà lára 2 yẹn sọ fún wa pé wọ́n dojú rẹ̀ dé, ohun tí ojú wa sì ti rí nìyẹn, pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe dúró níbẹ̀ o. Ẹ mú àmì mìíràn lórí gíráàfù náà, ká sọ ibi tó ti kọlu ìlà y. Ìdọ́gba wa ní kó jẹ́ (0, 6). Bí ìlà tí wọ́n yà bá gba ibòmíràn kọjá, kì í ṣe x³ lásán ló wà nídìí rẹ̀.

Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo gíráàfù kúbíìkì ló ti ara x³ jáde. Ẹ jẹ́ ká tú àkámọ́ tá a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ palẹ̀: (x − 2)³ + 1 jẹ́ x³ − 6x² + 12x − 7. Ẹ wá yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, kí 12x di 9x: y = x³ − 6x² + 9x − 7. Tí x bá jẹ́ 1, y jẹ́ −3. Tó bá jẹ́ 2, y jẹ́ −5. Tó bá jẹ́ 3, y jẹ́ −7. Tó bá jẹ́ 4, y jẹ́ −3. Ìlà yìí sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún ṣẹ́rí padà sókè. Bí ẹ ṣe lè sún x³ tó, bí ẹ ṣe lè nà án tó, bí ẹ ṣe lè yí i tó, kò lè ní òkè àti kòtò láé, nítorí kò ní wọn tẹ́lẹ̀.

A ṣì lè wá ibi tó ti wá. Nínú ìdọ́gba kúbíìkì, ẹ mú nọ́ńbà tó ṣáájú x², ẹ yí àmì rẹ̀ padà, kí ẹ wá fi ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà tó ṣáájú x³ pín in. Ibẹ̀ ni x àárín. Níbí, 6 tá a fi 3 pín jẹ́ 2. Ẹ fi u + 2 rọ́pò x, kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, èyí tó ní u² á pòórá pátápátá, á wá ku u³ − 3u − 5. Ọgbọ́n pípa x² rẹ́ yìí wà nínú ìwé tí Girolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, tẹ̀ jáde ní 1545, nígbà tó ń wá ọ̀nà láti yanjú ìdọ́gba kúbíìkì. Sísún gíráàfù sí ẹ̀gbẹ́ títí àárín rẹ̀ fi bọ́ sórí ìlà y ni, bí kò tilẹ̀ sí gíráàfù bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí láyé tirẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lára u lẹ́yìn tí u² bá ti lọ ló ń sọ ìdílé tí kúbíìkì kan ti wá. Ẹ jẹ́ ká fi x³ tí kò ní nọ́ńbà kankan níwájú ṣe àpẹẹrẹ. Tí u kò bá ṣẹ́ kù rárá, bíi ti 12x àkọ́kọ́, ìdílé x³ ni, ó máa dùbúlẹ̀ ní àárín. Ká ní 15x la kọ, 3u la máa rí, ìlà náà á máa gòkè láìdùbúlẹ̀ níbì kankan. Pẹ̀lú 9x, −3u la rí, òkè àti kòtò sì wà. Kúbíìkì tiwa, nígbà náà, jẹ́ y = x³ − 3x tí wọ́n sún sí ọ̀tún ní 2, tí wọ́n sì fà wálẹ̀ ní 5:

y + 5 = (x − 2)³ − 3(x − 2)

Orí òkè rẹ̀ tó wà ní (−1, 2) tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí (1, −3), kòtò rẹ̀ tó wà ní (1, −2) sì ti bọ́ sí (3, −7), àmì méjì tá a ti rí nígbà tí a ń fi nọ́ńbà dán an wò.